Kí Ẹ̀pà Tó Wọ Àpò: Ibi Tí Afilatọ́sìn Ti Ń Wọlé

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìjọba Kẹ́ńyà dá àgbàdo tó ń ti Ùgáńdà àti Tànsáníà bọ̀ dúró ní ẹnubodè. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé wọ́n yẹ àgbàdo náà wò, wọ́n sì rí i pé májèlé tí ìbu ń pèsè, èyí tí wọ́n ń pè ní afilatọ́sìn, ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ará Kẹ́ńyà ní ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù májèlé yìí. Ní ọdún 2004, ní agbègbè Mákúẹ́nì àti Kítúì, ènìyàn 317 ló dùbúlẹ̀ àìsàn, tí ojú wọn pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú, ẹni 125 sì kú nínú wọn. Àgbàdo oko ara wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ. Wọ́n kó o wọlé nígbà tí kò tíì gbẹ, ó bu níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, wọ́n sì lọ̀ ọ́ jẹ.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í sábà rí i kí ó pa ènìyàn lọ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyẹn, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí a kà á sí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí gbé àbájáde kan jáde lórí àwọn ọmọ 480 ní abúlé 16 ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àwọn ọmọ tó wà láàrin oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún márùn-ún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nínú ọmọ 100, wọ́n rí àmì afilatọ́sìn lára 99. Àwọn tí májèlé náà pọ̀ jù lára wọn ló kúrú jù, tí wọ́n sì fúyẹ́ jù láàrin ẹgbẹ́ wọn. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù níbẹ̀ ni pé májèlé náà pọ̀ lára ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú ju ti ọmọ tó ṣì ń mu ọmú lọ, nítorí pé ọjọ́ tí ẹ̀kọ àgbàdo àti ẹ̀pà lílọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni májèlé náà ń wọlé. Wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn ọmọ kan ní Bẹ̀nẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Láàrin àkókò yẹn, àwọn tí afilatọ́sìn pọ̀ jù lára wọn fi sẹ̀ǹtímítà 1.7 ga kéré sí àwọn tí tiwọn kéré jù. Ní ti àgbàlagbà, ẹ̀dọ̀ ni májèlé yìí ń bá jà. Ó wà lára ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, agbára rẹ̀ sì fi nǹkan bí ìlọ́po 30 pọ̀ sí i lára ẹni tó bá ti ní kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi kejì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Hẹpataítíìsì Bíì.

Láti inú ẹ̀pà ni ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ẹni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀ lọ, ó já sí oúnjẹ wọn, ìyẹn ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán, tí wọ́n kó wá láti Bùràsíìlì. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Asipajílọ́ọ̀sì Filéfọ́ọ̀sì ló ti hù sí i. Inú ilẹ̀ ni ìbu yìí ń gbé, inú oko wa, lára pòròpórò tó ti jẹrà àti èèpo ẹ̀pà tó wà nílẹ̀. Ó fẹ́ràn ooru tó wà láàrin 25 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ìyẹn ooru tí a ń rí lójoojúmọ́. Kò sí bí a ṣe lè pa á rẹ́ kúrò nínú ilẹ̀. Ohun tí a lè fi dù ú kò ju omi lọ, nítorí pé láìsí ọ̀rinrin tó tó, kò lè hù, kò sì lè pèsè májèlé.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ afilatọ́sìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè irú àpò tàbí oògùn tí wọ́n yóò fi tọ́jú ọjà. Àmọ́ bí májèlé náà bá ti wà nínú hóró ẹ̀pà, kò sí àpò tó lè yọ ọ́. Iná náà kò lè ṣe é tán. Ooru tó lé ní 237 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ká, òróró tí a fi ń dín àkàrà kì í sì í sábà gbóná kọjá 190. Ẹ̀pà yíyan a máa dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni rírẹ àgbàdo àti sísẹ́ ògì, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ lè ṣẹ́ kù síbẹ̀. Nítorí náà, àárín ìgbà tí a bá wú ẹ̀pà nílẹ̀ sí ìgbà tí a bá di ẹnu àpò ni iṣẹ́ gidi wà. Iṣẹ́ àpò kò ju kí ó bá wa pa gbígbẹ tí a ti gbẹ ọjà mọ́.

Ẹ̀rí tó dára jù lọ tí mo mọ̀ lórí èyí wá láti Kíńdíà ní ilẹ̀ Gínì. Àwọn olùwádìí mú abúlé 20 tí wọ́n ń gbin ẹ̀pà. Wọ́n fi 10 sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní abúlé 10 yòókù, wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn nǹkan kéékèèké, wọ́n sì fún wọn ní irinṣẹ́ tí kò nira láti rí. Èkíní ni ṣíṣà: kí wọ́n fi ọwọ́ yọ ẹ̀pà tó bu àti èyí tó ti bàjẹ́ kúrò. Èkejì ni ẹní tí a fi okùn ewéko hun, kí wọ́n má sá ẹ̀pà sórí ilẹ̀ lásán mọ́. Wọ́n tún kọ́ wọn pé kí wọ́n máa mi ẹ̀pà pẹ̀lú èèpo rẹ̀ létí, kí wọ́n gbọ́ bóyá ọmọ inú rẹ̀ ti ń ró, kí wọ́n tó gbà pé ó gbẹ. Wọ́n fún wọn ní àpò ìdọ̀họ dípò àpò oníke, wọ́n fún wọn ní pákó tí wọn yóò tò sílẹ̀ kí àpò má bàa fara kan ilẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní oògùn kòkòrò tí wọn yóò fọ́n sí ilẹ̀ lábẹ́ pákó náà.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn 600 ní abúlé wọ̀nyí nígbà ìkórè, wọ́n sì tún gbà á lẹ́yìn oṣù márùn-ún, nígbà tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀pà tí wọ́n tọ́jú pamọ́. Ní abúlé tí wọn kò ti yí nǹkan kan padà, ìwọ̀n àmì májèlé náà nínú ẹ̀jẹ̀ kúrò ní 5.5, ó gòkè dé 18.7. Ní abúlé tí wọ́n ti ṣe àwọn nǹkan tí mo kà sílẹ̀ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ láti 7.2, ó sì dúró sí 8.0. Èyí túmọ̀ sí pé oṣù márùn-ún tí ẹ̀pà fi wà nínú ilé ló sọ májèlé di ìlọ́po mẹ́ta lára àwọn kan, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà lára àwọn kejì. Ọdún 2005 ni wọ́n gbé àbájáde yìí jáde. Ẹ kíyè sí i pé kò mú un kúrò pátápátá. Ìwọ̀n tó ti wọ ẹ̀pà láti oko ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìwọ̀n tí ilé ń fi kún un ni wọ́n dá dúró.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀pà tó dé ilé? Bí òjò bá dá nígbà tí ẹ̀pà ń gbó, ilẹ̀ á gbóná, èèpo ẹ̀pà á sán, ìbu á sì rí ọ̀nà wọlé. Ikán ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, torí pé gbogbo ihò tó bá dá sí èèpo ẹ̀pà ti di ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀pà tó bá pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbó tán tún burú sí i. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ a máa wú ìdì díẹ̀ káàkiri oko, á pa á, á wo inú èèpo. Bí inú èèpo bá ti dúdú nínú ọ̀pọ̀ wọn, àkókò ti tó. Bó bá ti wú u tán, kí ó dojú ìdì dé, kí ẹ̀pà wà lókè, kí ewé wà nísàlẹ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Omi inú ẹ̀pà tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú lè tó ìdá 40 nínú 100. Ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé ìdá 7 tàbí 8 kó tó ṣe é kó sínú àpò. Bí òjò bá pa á láàrin kan náà, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nìyẹn, nítorí náà tapólì gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí a ó fi bò ó, ní alẹ́ pẹ̀lú, torí ìrì.

Ohun kan tún wà tí ó ń ba iṣẹ́ gbogbo jẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì kà sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọwọ́ pa ẹ̀pà gbígbẹ, èèpo rẹ̀ a máa le, ọwọ́ a sì máa dun ni. Àwọn kan a wá wọ́n omi sí i kí ó rọ̀. Òmíràn a wọ́n omi sí ẹ̀pà tí wọ́n ti pa tán kó lè tẹ̀wọ̀n. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí oòrùn fi ṣiṣẹ́ ti dòfo, nítorí ìbu tó wà lára èèpo ń retí omi yẹn ni. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí láti pa ẹ̀pà ń yanjú ìṣòro yìí, àgbájọ àwọn ìyá olẹ́pà sì lè dáwó ra ọ̀kan. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀pà wà nínú èèpo rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a ó lò ó tàbí tà á. Èèpo náà jẹ́ ààbò fún un.

Ní ti àgbàdo, ìdá 13 nínú 100 ni omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Báwo ni ẹni tí kò ní ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ṣe máa mọ̀? Iyọ̀ wà nílé gbogbo wa. Ẹ wá ìgò funfun tó mọ́, tó gbẹ kanrin, ẹ da àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ fi ṣíbí ìjẹun méjì tàbí mẹ́ta iyọ̀ gbígbẹ sí i. Ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ṣì ju ìdá 15 lọ, ẹ kó o padà sínú oòrùn. Bí kò bá lẹ̀, ó ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 15. Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdánwò yìí tàn yín. 15 ló lè fi hàn, kò lè fi 13 hàn. Nítorí náà, lẹ́yìn tí iyọ̀ bá ti ṣí kúrò lára ìgò, ẹ tún sá àgbàdo náà fún ọjọ́ kan tàbí méjì tí oòrùn rẹ̀ mú. Iyọ̀ tó ti fa omi láti inú afẹ́fẹ́ kò sì lè ṣiṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ gbẹ ẹ́. Ní ti ẹ̀pà, yàtọ̀ sí mímì létí, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra ọmọ ẹ̀pà kan. Bí awọ rẹ̀ bá ṣí wẹ́rẹ́, tí ẹ̀pà náà sì ṣẹ́ sí méjì pẹ̀lú ìró, ó ti súnmọ́ ọn.

Ẹni tó ń gbin àgbàdo ní ilẹ̀ Yorùbá yóò ti máa rò ó pé oòrùn wo ni mò ń sọ. Òótọ́ ni. Oṣù keje sí ìkẹjọ ni a ń kórè àgbàdo àkọ́kọ́ ní gúúsù, tí òjò kò sì tíì lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ lórí igi, ó ń bu níbẹ̀. Bí a bá kó o jọ gègèrè sínú abà, ó ń gbóná láti inú. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ohun ọ̀gbìn fi gbé àká tóóró jáde fún ilẹ̀ olójò: àká gígùn tí a fi igi tàbí ọparun ṣe, tí ògiri rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, tí ó sì ga kúrò nílẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ní ààlà, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Ìbú yẹn ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí ó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, atẹ́gùn kò ní lè la inú rẹ̀ já, àgbàdo tó wà láàrin á sì bu nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ ń gbẹ. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí òrùlé rẹ̀ yọ síta dáadáa, kí a bó háríhá kúrò lára àgbàdo kí ó tó wọ inú rẹ̀, kí a sì fi páànù tó dà bí agbòjò wé ẹsẹ̀ àká kí eku má lè gùn ún. Bó bá gbẹ níbẹ̀ tán ni kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hó o.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí àpò. Àpò oníke tí wọ́n fi ń di ìrẹsì tàbí àjílẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì burú jù. Kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kì í dá kòkòrò dúró. Àpò ìdọ̀họ tí wọ́n lò ní Kíńdíà ń mí, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rinrin tó ṣẹ́ kù rí ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń mí jáde ló ń mí sínú. Ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ ó dára púpọ̀. Ní àkókò òjò ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà tó ti gbẹ dáadáa yóò tún fa omi láti inú afẹ́fẹ́ gba ara àpò náà. Fún ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ọjà wọ inú òjò, àpò aláìgbafẹ́fẹ́ ló yẹ ẹ́, èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni àpò Píkìsì tí àwọn ará Yunifásítì Pọ́díù ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe fún ẹ̀wà ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ọ̀rá méjì tó nípọn ló wà nínú àpò híhun kan. A ó da ọjà sínú ọ̀rá ti inú pátápátá, a ó tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, a ó lọ́ ọrùn rẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ padà, a ó sì fi okùn dì í. Ohun kan náà ni a ó ṣe fún ọ̀rá kejì àti fún àpò ìta. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ yóò mí títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán, wọ́n á sì kú láìsí oògùn. Kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo ló sì ń fi omi ara rẹ̀ àti ooru kún inú àpò, nítorí náà ikú rẹ̀ ran ọ̀rọ̀ afilatọ́sìn lọ́wọ́.

Àléébù àpò yìí ni pé kò lè gbẹ ohunkóhun. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọjà kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Bí ẹ bá rí omi tó ń sín lára ọ̀rá inú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ má dúró, ẹ tú u kí ẹ sá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí eku bá jẹ ihò sí ọ̀rá, ó ti di àpò lásán. Bí ẹ bá sì ń ṣí i lójoojúmọ́ láti bu kọ́ńgò kan, afẹ́fẹ́ ń wọlé lójoojúmọ́. Ẹ ya èyí tí ẹ ó máa jẹ sọ́tọ̀.

Ṣíṣà ni iṣẹ́ tí àwọn obìnrin wa ti ń ṣe tipẹ́, iṣẹ́ ìmọ̀ gidi sì ni. Afilatọ́sìn kì í tàn káàkiri dọ́gba nínú àpò ẹ̀pà. Ìwọ̀nba hóró díẹ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, hóró náà sì sábà máa ń jẹ́ èyí tó ti hunjọ, tó pàwọ̀ dà, tó ti là, tàbí tí nǹkan bí ẹfun tàbí eruku àwọ̀ ewé hù sí lára. Bí a bá yọ wọ́n, a ti yọ púpọ̀ nínú májèlé. Ẹ̀pà tí a yan tí a sì bó awọ rẹ̀ ṣe é ṣà dáadáa jù, nítorí pé àbàwọ́n tí awọ bò mọ́lẹ̀ á hàn síta. Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ibi tí èyí tí a ṣà kúrò ń lọ. Kì í lọ sí ààtàn. Owó kékeré ni wọ́n ń tà á, ẹ̀rọ ló ń gbà lọ: wọ́n a fún òróró rẹ̀, wọ́n a fi yòókù ṣe kúlíkúlí, wọ́n a lọ̀ ọ́ mọ́ dọ́nkúwà, tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ oúnjẹ adìyẹ. Ohun tí ojú rí nínú hóró kò ṣe é rí mọ́ nínú ìyẹ̀fun. Bí a bá fún òróró ẹ̀pà tó ní májèlé, inú ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn òróró ni èyí tó pọ̀ jù ń dúró sí, ohun tó ṣẹ́ kù yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ṣe kúlíkúlí. Ẹni tó ń lọ tọ́ọ̀mù bíráànù fún ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ra ẹ̀pà tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀. Kí ó ra odidi ẹ̀pà, kí ó ṣà á fúnra rẹ̀, kó sì sun èyí tó bá ṣà kúrò tàbí kí ó rì í mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí a lè gbà bá a jà láti inú oko, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ṣe é. Kì í ṣe gbogbo ìbu tó wà nínú ìdílé Asipajílọ́ọ̀sì yìí ló ń pèsè májèlé. Àwọn olùwádìí ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Amẹ́ríkà, ṣa mẹ́rin tí kò lè pèsè rẹ̀ láti inú ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n fi bo ọkà bàbà tí wọ́n ti pa agbára híhù rẹ̀, wọ́n pa á láró, wọ́n sì pè é ní Afilaséèfù. Àjọ Náfídáàkì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2014. Kílò mẹ́rin ni a ń fọ́n sórí éékà kan, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbu aláìlóró yìí á gba àyè mọ́ àwọn olóró lọ́wọ́, wọ́n á sì bá ọkà dé inú àká. Ó máa ń dín afilatọ́sìn kù ní ìdá 80 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, kò ní hù. Bí a bá ro oko lẹ́yìn tí a fọ́n ọn, erùpẹ̀ á bò ó. Kò sì dá àwọn ìbu mìíràn dúró, àwọn tí májèlé tiwọn ń jẹ́ orúkọ mìíràn nínú àgbàdo, nítorí náà kò gba iṣẹ́ oòrùn àti àká ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọjà. Ilẹ̀ Yúróòpù kò gba ẹ̀pà jíjẹ tí afilatọ́sìn inú kílò kan rẹ̀ bá ju máíkírógíráàmù 4 lọ, Amẹ́ríkà ń gba títí dé 20, torí náà ẹni tó ń kó ẹ̀pà ránṣẹ́ sókè òkun gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí wọn kò bá gbà lọ́hùn-ún, ọjà wa ló sábà ń padà sí. Kọ́ńgò ni a fi ń wọn ẹ̀pà nínú ọjà, kò sì sí òṣùwọ̀n tó ń wo ohun tó wà nínú hóró. Àgbẹ̀ tó bá ṣa kọ́ńgò kan nínú mẹ́wàá dànù, kọ́ńgò mẹ́sàn-án ni yóò tà, iye kan náà ni wọn yóò sì fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàrin ọdún 2013 sí 2019, ètò kan wà ní Nàìjíríà tó san owó lé e fún àwọn tó ń kó àgbàdo tí a fi Afilaséèfù gbìn jọ, ìyẹn sì mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ àti ti ọmọdé tó ń yẹ ọjà wò kí wọ́n tó rà á náà ṣe tán láti san ju iye ọjà lọ fún èyí tó mọ́. Bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn bá lè kó ẹ̀pà wọn jọ, kí wọ́n gbẹ ẹ́ pọ̀, kí wọ́n ṣà á pọ̀, kí wọ́n sì sanwó àyẹ̀wò kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀, ìwé àyẹ̀wò yẹn ni wọn yóò fi bá olùrà dúnàádúrà.